Ẹ bá mi wo íméèlì tí mo fẹ́ fi wá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nọ́ọ̀sì. Ọdún 6 ni mo ti lò ní wọ́ọ̀dù àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, n'Íbàdàn. Mo fẹ́ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra mi, láìgba ọwọ́ ejẹ́ǹtì. Mo ti yege ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àti CBT, apá ìṣirò àti apá ìtọ́jú. OSCE, tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún, ló kù.

Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé "nọ́ọ̀sì tó ti forúkọ sílẹ̀ ni mí". Ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n lè kà á sí irọ́, torí NMC tibẹ̀ kò tíì fún mi ní nọ́ńbà; ti Nàìjíríà nìkan ni mo ní. Mo wá yí i padà: "Mo forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, mo ti yege CBT, ó ku OSCE." Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

"Mo ní ìrírí púpọ̀" tí mo kọ tẹ̀ lé e kò dùn létí èmi gan-an. Ṣé kí n kúkú sọ pé aláìsàn 12 lèmi nìkan ń mójú tó lóru, pé mo ń fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára, mo sì ń pààrọ̀ báńdéèjì ojú ọgbẹ́? Àbí 12 yẹn á bà wọ́n lẹ́rù?