Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí mo gbà ní Balógun ti ń wú: ṣé kí n ti sọ̀rọ̀ báyìí?

Oníkábíńẹ́ẹ̀tì Mushin
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Mo gba iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan lọ́wọ́ àǹtí kan tó ń ta léèsì ní Balógun, òkè kejì nínú plásà. Àdéhùn wa kò ju ìlà kan lórí Wásáàpù lọ: pẹpẹ sára ògiri mẹ́ta, káńtà kan, ₦1,800,000, ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ti san ₦1,080,000, ó ku ₦720,000.

Ọ̀sẹ̀ kìíní kò tíì pé. Àǹtí ní kí n ṣáà bá àwọn ki dúrọ́ọ̀ méjì tó ní kọ́kọ́rọ́ sínú káńtà. Àbúrò wọn ọkùnrin pè mí lọ́jọ́ kejì pé àlàfo àárín pẹpẹ ti pọ̀ jù, kí n sún wọn mọ́ra. Lánàá, àǹtí tún ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, kí n bá àwọn wo iná tó ń ṣẹ́jú. Kò sí èyí tó tó ìjà nínú wọn, wọn kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣé àmì pé iṣẹ́ ń wú nìyí, àbí ahun ni mí? Ẹ̀gbẹ́ káńtà nìkan ni mo ti gé, mi ò tíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù pẹpẹ.

Télọ̀ Òjúẹlẹ́gba
Gba gbogbo owó kí o tó gbé ayùn, ọ̀gá mi. Èmi kì í fi abẹ́rẹ́ kan aṣọ ẹnikẹ́ni tí owó ò bá pé. Ẹni tó ti san tán kò ní báláńsì tó máa fi dẹ́rù bà ọ́. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ìyá Ìbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé wọ́n ti kọ̀ láti san ₦720,000 yẹn ni? Láti 2018 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ní ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà béèrè owó sí wọn. Bí mo ṣe gba owó àpò ìrẹsì mi lọ́wọ́ oníbàárà kan nìyẹn.

Bàbá Onítéépù, Èbúté Mẹ́ta
Ìyá Ìbejì, ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ ẹnikẹ́ni lówó níbí. Àmọ́ ohun tí ẹ sọ wúlò: gbèsè tí iye rẹ̀ dájú ni ilé ẹjọ́ yẹn ń gbọ́. Dúrọ́ọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dá iye lé, èló lẹ fẹ́ pè é níwájú adájọ́?

Télọ̀, ìdajì òótọ́ lo sọ. Báláńsì tó pọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà máa ń jẹ́ kí ẹ̀rù ba oníṣẹ́ láti sọ pé rárá, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti san gbogbo owó tún lè rò pé gbogbo ohun tó bá wá sọ́kàn òun lòun ti rà. Ó sàn kí a pín owó tó kù: díẹ̀ bí pẹpẹ bá dúró, díẹ̀ bí káńtà bá parí. Ìyẹn sàn ju kí á kó gbogbo rẹ̀ pa mọ́ sí ọjọ́ ìkẹyìn lọ.

Ìwọ oníkábíńẹ́ẹ̀tì, àmì ni. Kì í ṣe dúrọ́ọ̀ ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú, àbúrò ni. Iṣẹ́ tí ẹnu méjì ń pàṣẹ lé lórí, ẹni tó ń sanwó kì í mọ ohun tí ẹnìkejì sọ, títí di ọjọ́ ìṣírò. Èkejì: wọ́n bèèrè nǹkan mẹ́ta, kò sẹ́ni tó ní "èló ni?", kò sẹ́ni tó ní "ṣé ọjọ́ kò ní yẹ̀?" Ìwọ náà kò sọ ọ́. Iṣẹ́ ń gùn, ọ̀sẹ̀ méjì ṣì ni ọ̀sẹ̀ méjì.

Báwo ni ògiri ṣe tó? Íńṣì mélòó lo fi sáàárín pẹpẹ?

Oníkábíńẹ́ẹ̀tì Mushin
Ẹ ṣé sà. Ògiri kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó ga ní 9. Íńṣì 18 ni mo fi sáàárín, àbúrò fẹ́ 12. Pẹpẹ fúnra rẹ̀ jẹ́ íńṣì 15 sínú.

Bàbá Onítéépù, Èbúté Mẹ́ta
Ó dáa. Ẹsẹ̀ bàtà 9 jẹ́ íńṣì 108. Bó bá jẹ́ 18 ló wà láàárín, ìpele 6 ni lórí ògiri kan, 18 lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bọ́ọ̀dù ẹsẹ̀ 4 sí 8 kan á fún ọ ní pẹpẹ mẹ́ta, bọ́ọ̀dù 6 nìyẹn. Bó bá di 12, ìpele 9 ni, pẹpẹ 27, bọ́ọ̀dù 9. "Sún wọn mọ́ra" tí àbúrò sọ, bọ́ọ̀dù mẹ́ta ni, pẹ̀lú téépù etí, pẹ̀lú ẹrù tó tún máa gun àtẹ̀gùn plásà. Kí inú rẹ dùn pé o kò tíì gé e. Ká ní o ti lu ihò sí àwọn ẹ̀gbẹ́ tó ń gbé pẹpẹ, ìwọ lo máa tún gbogbo rẹ̀ lù.

Má fi gbogbo ẹ̀ lé wọn lórí ṣá o. Ìlà kan yẹn sọ ògiri, kò sọ iye ìpele. Ohun tí àǹtí gbọ́ ni pé ṣọ́ọ̀bù á gba ọjà òun. Ohun tí ìwọ gbọ́ ni ìpele 6. Inú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àfikún ti ń jáde, kì í ṣe inú ojúkòkòrò. Dúrọ́ọ̀ ni àfikún tí kò ní àríyànjiyàn. Ti iná, bá wọn pe oníná. Bí o bá fọwọ́ kàn án, tó bá jó lóṣù mẹ́ta òní, orúkọ rẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ dá.

Oníléèsì Tẹ̀júoṣó
Ẹ jẹ́ kí àwa oníṣọ́ọ̀bù náà sọ tiwa. A kì í mọ ohun tí a fẹ́ àfi tí a bá rí igi lára ògiri. Bí ẹ bá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà pẹpẹ sára ògiri, tí mo gbé ìdì léèsì kan sí i wò, ọ̀rọ̀ àlàfo parí níbẹ̀. Oníṣẹ́ tí mo máa ń sá fún ni èyí tó ń dá mi lóhùn "kò burú, mà", tó ń bínú sínú, tó wá ń fi wúruwùru parí iṣẹ́. Sọ iye rẹ̀ fún mi, màá mú un tàbí kí n fi í sílẹ̀.

Oníkábíńẹ́ẹ̀tì Mushin
Mo ti ṣírò rẹ̀. Bọ́ọ̀dù mẹ́ta pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹrù gbígbé, ₦260,000. Dúrọ́ọ̀ méjì, ₦70,000. Èrè mi lórí gbogbo iṣẹ́ yìí kò ju ₦300,000 lọ! Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ sí wọn tí kò fi ní dà bí ìjà?

Bàbá Onítéépù, Èbúté Mẹ́ta
Àǹtí ni kí o kọ ọ́ sí, kì í ṣe àbúrò. Má ṣe bẹ̀bẹ̀, má ṣàlàyé púpọ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Bọ̀ọ̀dá ní kí n dín àlàfo pẹpẹ kù. Bó bá wà ní íńṣì 18, owó wa kò yí padà. Íńṣì 15 á fi ₦90,000 àti ọjọ́ kan kún un. Íńṣì 12 á fi ₦260,000 àti ọjọ́ mẹ́ta kún un. Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo ni kí n gé?" 15 á fún ọ ní ìpele 7, bọ́ọ̀dù kan péré ló fi lé e. Wọn kò mọ̀ pé 15 wà láàárín 18 àti 12, ìwọ ló yẹ kí o fi hàn wọ́n. Má gé nǹkan kan kí èsì tó dé.

Télọ̀ Òjúẹlẹ́gba
Dúrọ́ọ̀ ńkọ́? Fi ṣe èènì fún wọn jàre. Oníbàárà Balógun ni, wọ́n á mú ẹlòmíì wá.

Bàbá Onítéépù, Èbúté Mẹ́ta
Ó lè fi ṣe èènì, ṣùgbọ́n kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kó tó fagi lé e. Èènì tí wọn kò mọ iye rẹ̀, wọ́n á kà á mọ́ iṣẹ́, wọ́n á tún bèèrè òmíràn.

Télọ̀ Òjúẹlẹ́gba
Bàbá, ẹ má bínú o, èènì tí èèyàn kọ owó sí lára ti di ìfitónilétí gbèsè. Mi ò fara mọ́ ìyẹn.

Oníléèsì Tẹ̀júoṣó
Tèmi ni pé kó gba owó dúrọ́ọ̀. ₦70,000 kì í ṣe èènì.

Oníkábíńẹ́ẹ̀tì Mushin
Àǹtí ti fèsì. Íńṣì 15 ni kí n gé, wọ́n á pe oníná tiwọn. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé àbúrò àwọn pè mí rárá. Ti dúrọ́ọ̀, "ok" nìkan ni wọ́n kọ, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá iye ni wọ́n gbà tàbí wọ́n kàn rí i.