Kí ni ká pè é nígbà tí ìlà àtẹ bá já sórí ojú-ewé méjì?

Olùtúmọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ ìwé ìlànà lílo `Word` ní Yorùbá. Mo pe `Allow row to break across pages` ní "ìpín ìlà", mo sì pe `Repeat Header Rows` ní "àtúnkọ orí àtẹ". Ṣé wọ́n tọ̀nà?

Olóòtú: "Ìpín" ti ní iṣẹ́ mìíràn nínú àtẹ, nítorí àṣẹ `Split Table` wà tó ń sọ àtẹ kan di méjì, òun ló sì yẹ kó jẹ́ "pín". Ní ti ìlà tó wà ní ìsàlẹ̀ ojú-ewé, kò sẹ́ni tó pín in. Àyè ló tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Láìpẹ́ yìí ni mo ń to àkójọ ọ̀rọ̀ olópòó mẹ́ta: ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ àti àpẹẹrẹ. "Gbà" bọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé 6, ìtumọ̀ mẹ́ta péré ló ráyè níbẹ̀, mẹ́rin yòókù sì bọ́ sí ojú-ewé 7, níbi tí òpó àkọ́kọ́ ti ṣófo, tí kò sì sí orí àtẹ lókè rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí ojú-ewé 7 kò ní mọ ọ̀rọ̀ tí à ń túmọ̀. Ìlà yẹn já ni. Èmi á kọ ọ́ báyìí: "jẹ́ kí ìlà já sórí ojú-ewé méjì".

"Àtúnkọ" ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí ẹni tó bá kà á yóò rò pé òun ni yóò tún orí náà kọ. Mo ti gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí: olùkọ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orí àtẹ sókè ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, ó wá fi ìlà méjì kún ojú-ewé 2, ni gbogbo orí yòókù bá sún sísàlẹ̀, wọ́n sì dúró sáàárín ojú-ewé. Èyí tí `Word` ń gbé wá fúnra rẹ̀ kò ṣeé tẹ nǹkan sí lórí ojú-ewé kejì. Ti àkọ́kọ́ là ń tún ṣe, ìyókù á sì yí padà bá a. Kì í ṣe kíkọ, yíyọ ni. Ẹ pè é ní "àtúnyọ orí àtẹ".

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì: Ẹ̀yin ọmọ mi, èyí kò le rárá. Ẹ lọ sí `Paragraph`, kí ẹ mú `Widow/Orphan control`. Ìlà kan ṣoṣo kò ní dá wà ní ìsàlẹ̀ ojú-ewé mọ́.

Olóòtú: Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìlà ọ̀rọ̀ inú ìpínrọ̀ lẹ ń sọ. Ìlà àtẹ ni wọ́n bèèrè, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì lè gba ìlà ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Bí ọ̀rọ̀ náà bá lè yí mọ́ ẹ̀yin lójú, a jẹ́ pé "ìlà" lásán kò tó, ó yẹ ká máa pè é ní "ìlà àtẹ" nígbà gbogbo.

Atẹ̀wé: Ní tèmi, `Ctrl+Enter` ni mo máa ń tẹ ṣáájú ìlà tó bá fẹ́ já, gbogbo rẹ̀ á sì lọ sójú-ewé tuntun. Ṣùgbọ́n orí àtẹ kì í yọ níbẹ̀. Mo rò pé àtúnyọ yìí kì í ṣiṣẹ́ lórí àtẹ tó bá gùn.

Olóòtú: Òótọ́ ni pé ìlà náà kò ní já, àmọ́ `Ctrl+Enter` yẹn gan-an ló lé orí àtẹ lọ. Ibi tí `Word` bá ti ṣí ojú-ewé fúnra rẹ̀ nìkan ló ti ń gbé orí wá. Ẹ yọ `Ctrl+Enter` náà kúrò, kí ẹ ṣí `Table Properties`, kí ẹ sì yọ àmì inú àpótí `Allow row to break across pages` lábẹ́ `Row`. Ìlà àtẹ á lọ lódindi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè òfìfo á kù nísàlẹ̀. Ìlà tó bá ga ju ojú-ewé kan lọ á já dandan. Bí orí kò bá sì yọ síbẹ̀, ẹ wo `Text wrapping` lábẹ́ `Table`: `None` ló yẹ kó wà níbẹ̀, torí `Around` kì í jẹ́ kí orí tún yọ. Bí orí àtẹ bá jẹ́ ìlà méjì, ẹ mú méjèèjì láti orí ti àkọ́kọ́ kí ẹ tó tẹ `Repeat Header Rows`.

Atẹ̀wé: Mo ṣe é, orí ti yọ. `Around` ló tún wà lórí tèmi.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì: Mo gbà pé mo ṣì í gbọ́. Kí ló dé tí a kò pe ìlà àtẹ ní "ọ̀wọ́"? A kúkú máa ń to nǹkan lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

Olóòtú: Ẹ má bínú, Bàbá, agbo tàbí ìdì ni ọ̀wọ́ ń sọ sí mi lọ́kàn. A ń sọ pé ọ̀wọ́ ìwé, ìyẹn kò sì ní kí wọ́n wà lórí ìlà kan.

Olùtúmọ̀: Màá lo "já" àti "àtúnyọ". Ní ti "ìlà àtẹ" àti "ọ̀wọ́", màá kọ́kọ́ fi méjèèjì han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, kí n wo èyí tí wọ́n máa tètè gbọ́.