Mílíìkì kan, orúkọ mẹ́ta, ẹ gbà mí o

Ìyá Bàràkà, Ìkòròdú: Ẹ kúulé o. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mo ní, Sábó, Ìta Ẹlẹ́wà àti Odògùnyàn, ọmọ márùn-ún ló ń bá mi tajà, kálukú ní síìtì tiẹ̀ nínú Excel. Ìgbà tí mo fẹ́ pa á pọ̀, ọ̀kan kọ "mílíìkì kékeré", òmíì "mílíìkì onísásẹ́ẹ̀tì", ẹ̀kẹta "mílíìkì sm", ọjà kan náà ni o! Mo bá fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú síìtì àgbà kan, bíi 0042, síbẹ̀ #N/A ni VLOOKUP ń gbé wá.

Dèjì Agric: Àǹtí, ẹ ra skánà jàre. Gbogbo ọjà ló ní báàkóòdù lára.

Àlàájà Ẹ̀pẹ́: Ẹja yíyan tèmi dà, ta ló kọ báàkóòdù sí i lára? Owó ẹ̀ tó ń yí lójoojúmọ́ ńkọ́, ṣé kóòdù á máa bá a yí ni?

Bàbá Sítóò: Ìyá Bàràkà, ẹ wo síìtì Odògùnyàn dáadáa, 42 lẹ máa bá níbẹ̀. Excel ti gbá òdo iwájú dànù, ó rò pé iye tí wọ́n ń ṣírò ni, ti inú síìtì àgbà yín sì jẹ́ ọ̀rọ̀, wọn ò lè bára wọn pàdé láéláé. Ẹ fi lẹ́tà síwájú ẹ̀, bíi MLK042. Síìtì àgbà, ká pè é ní Oja, ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ máa fi ọjà tuntun sí i, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀dà ẹ̀ sínú fáìlì kálukú. Kóòdù nìkan lọmọ á máa tẹ̀, orúkọ á wá fúnra ẹ̀:

```
=VLOOKUP(A2,Oja!A:B,2,FALSE)
```

Ọjà tẹ́ ẹ ò tà mọ́, ẹ má gbé kóòdù ẹ̀ fún òmíì o, síìtì àtijọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ṣúgà ní mílíìkì.

Dèjì, skánà ò mọ ọjà, nọ́ńbà ló kàn ń bá èèyàn tẹ̀ bíi kíbọ́ọ̀dù. Nọ́ńbà 13 yẹn, Excel lè fi hàn bíi 6.15E+12, tẹ́ ẹ bá wá sefú ẹ̀ sí CSV, ìyókù lọ nìyẹn. Ẹ sọ kọ́lọ́ọ̀mù ẹ̀ di Text kẹ́ ẹ tó skáànù. Ṣúgà tá a fọwọ́ ara wa dì sí náílọ́ọ̀nù kò sì ní báàkóòdù kankan. Àlàájà, owó nìkan lẹ máa yí, kóòdù dúró síbẹ̀.

Ìyá Bàràkà: Háà, 42 ni lóòótọ́! Àmọ́ ti Sábó, 0042 pé, ó ṣì ń ṣe #N/A.

Bàbá Sítóò: Ẹ tẹ =LEN(A2) síbi tó ṣófo. Tó bá sọ 5, ọmọ yẹn tẹ àyè mọ́ ọn.

Ìyá Bàràkà: 5 ni o! Ọmọ yìí á pa mí. Páálí tá a tú tà ní sásẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Dèjì Agric: Kóòdù kan, ẹ ka gbogbo ẹ̀ ní sásẹ́ẹ̀tì.

Bàbá Sítóò: Báàkóòdù páálí yàtọ̀ sí ti sásẹ́ẹ̀tì, kóòdù méjì ni tèmi, tí wọ́n bá tú páálí kan, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú iye páálí, kí wọ́n fi iye sásẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀ kún ti sásẹ́ẹ̀tì.

Ìyá Bàràkà: Àwọn ọmọ tèmi, tí oníbàárà bá ti tò, ta ló máa rántí kọ ọ́?