Alága dá mi lóhùn pé “O da.” Ṣé inú ń bí wọn ni?

Wùmí: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Láti alẹ́ ọjọ́ Ajé ni n kò ti sùn dáadáa. Èmi ni mò ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ wa, ènìyàn 23 ló sì wà nínú gúrúùpù náà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn síbẹ̀: mo ṣàlàyé bí a ṣe ná owó, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a sún ìpàdé síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan, mo wá parí rẹ̀ báyìí pé, “Àkọsílẹ̀ owó nìyí, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.” Kò tó ìṣẹ́jú kan tí alága wa fi dáhùn: “O da.” Wọn ò fi nǹkan kan kún un. Àwọn bíi mẹ́ta fi àtàǹpàkò sókè, gbogbo ilé sì pa rọ́rọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo bi alága bóyá kí n lọ bá àwọn tó ni gbọ̀ngàn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní: “Mo ti gbo.” Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ pé tí wọ́n bá fẹ́ kí ènìyàn, ìlà mẹ́rin ni, pẹ̀lú àdúrà! Kí ni mo ṣe?

Àdìsá: Inú ń bí wọn. Ẹ wo àmì ìdánudúró tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Bínghámtọ̀n, ní Amẹ́ríkà, kó akẹ́kọ̀ọ́ 126 jọ, wọ́n fún wọn ní àtẹ̀jíṣẹ́ tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kà. Èyí tó ní àmì ìdánudúró lẹ́yìn ni wọ́n sọ pé kò dà bíi pé ó ti ọkàn wá. Ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ọwọ́ kọ sórí bébà kò rí bẹ́ẹ̀ lójú wọn.

Màmá Tóbi: Ọkọ mi náà nìyẹn! Mo kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí i níbi iṣẹ́, ó dáhùn pé “Hẹn.” Mo bá a jà títí ilẹ̀ fi ṣú. Wùmí, má bẹ ẹnikẹ́ni o.

Ẹ̀gbọ́n Délé: Àdìsá, ìwádìí yẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n “kò ti ọkàn wá” kọ́ ni “inú ń bí i.” Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí ènìyàn bá tẹ àlàfo lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àmì ìdánudúró á jáde fúnra rẹ̀. Àwa àgbà tí a kọ́ ìwé kíkọ níléèwé náà sì máa ń fi sí i láìní ẹnikẹ́ni sínú. Wùmí, kí ẹ tó wo àmì, ẹ wo bí ẹni náà ṣe ń kọ̀wé sí àwọn tó kù. Lọ́sẹ̀ yìí, ṣé ẹ rí i kí alága dá ẹlòmíràn lóhùn gígùn?

Wùmí: Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Lọ́jọ́ Ajé yẹn náà, wọ́n kí ẹnì kan kú oríire, ìlà márùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n Délé: Ìyẹn ń sọ fún wa pé kì í ṣe pé àyè ò sí. Ṣùgbọ́n kò tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n dáhùn, ta ló lè ka àlàyé owó tán láàárín ìyẹn? Ohun kan ló ká wọn lára kíá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka “O da” náà sókè, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Ẹ kà á bíi “Ó dáa,” kí ẹ wá kà á bíi “Ó dà?”

Ìyá Ìbejì: Háà! Ṣé àkọsílẹ̀ owó náà lọ ṣá?

Wùmí: Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà lọ wò ó ni. Ọ̀rọ̀ mi lọ, ìwé owó náà kò lọ. Ó ṣì ń yí lórí fóònù mi. Wọ́n ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, èmi ń rò pé wọ́n gbà!

Ẹ̀gbọ́n Délé: Ẹ fi ránṣẹ́ báyìí, kí ẹ tọrọ gáfárà pé kò lọ lákọ̀ọ́kọ́. Àmọ́ “Mo ti gbọ́” ló ń kọ mí lóminú jù. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò dáhùn èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹni tó gbà á sọ pé “lọ.” Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀ níwájú ènìyàn 23 sábà máa ń fẹ́ bo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ láṣìírí. Ẹ pè wọ́n níkọ̀kọ̀, kí ẹ gbọ́ ohùn wọn. Ẹ má bèèrè bóyá inú ń bí wọn, nítorí “rárá” ni wọ́n máa sọ. Ẹ bèèrè nípa gbọ̀ngàn.

Àdìsá: Mo ṣì gbà pé inú ń bí wọn díẹ̀. Owó ni wọ́n bèèrè, ọjọ́ kan kọjá, wọn ò rí i.

Wùmí: Mo ti fi ìwé owó ránṣẹ́. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Mo fẹ́ pè wọ́n báyìí.