Ìlà ìbéèrè tó gùn jù nígbà Iléyá: ṣé kí n fi òdiwọ̀n sí i?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ yìí. Kúbúwà, ní Àbújá, ni a ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìlọrin àti Ìbàdàn lórí ayélujára. Lọ́jọ́ tí a ṣí títà ti Iléyá, ìbéèrè 50 ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, fún odindi ìṣẹ́jú 5.

Mo kọ́kọ́ fi nginx pín iṣẹ́ fún sáfà 3, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà burú sí i, nítorí pé sáfà kọ̀ọ̀kan ń ṣí ìsopọ̀ 40 sí PostgreSQL, àpapọ̀ wọn sì di 120, nígbà tí `max_connections` wa wà ní 100. Mo dín ìsopọ̀ sáfà kọ̀ọ̀kan kù sí 25, mo sì fi RabbitMQ to àwọn ìbéèrè sórí ìlà. Dátábéèsì kò dákú mọ́. Àmọ́ ìbéèrè 30 péré ni a lè parí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà 6,000 ló ṣẹ́kù lórí ìlà, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá sì dúró ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Èyí dùn mí gan-an, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ló tún bọ́tìnì tẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ èsì.

Mo ń ro èyí, kí ẹnikẹ́ni má bàa dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 50 lọ:

```
x-max-length: 1500
x-overflow: reject-publish
```

Ṣé ó sàn kí n tètè dá àwọn tó kù padà báyìí, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n máa dúró? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.