"Ṣebí", "ṣé" àbí "báwo": ìbéèrè tí kò ní fi èsì síni lẹ́nu

Oníbéèrè, Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gàrí ni mò ń tà. Mo bi àwọn tó ń tẹ̀lé mi pé: "Ṣebí gàrí wa tuntun kò kan jù, kò sì wọ́n?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni", síbẹ̀ wọn ò padà wá rà. Kí ni kí n yí padà? Kí sì ni à ń pe irú ìbéèrè yẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì: "Ṣebí" ló bà á jẹ́. Ẹni tó bá ní "ṣebí" ti gbà tán, ẹlẹ́rìí ló ń wá. Ẹ fi "ṣé" rọ́pò rẹ̀, ó parí. Mo dábàá "ìbéèrè adarí-èsì".

Tíṣà àgbà: Òótọ́ ni ti "ṣebí", àbúrò, ṣùgbọ́n kò tíì parí. Ẹ wo "Ṣé gàrí wa kò kan jù?" Ẹnì kan á tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni", á ní kò kan jù lọ́kàn, ẹlòmíràn á sáré tẹ̀ ẹ́, ó kan jù ló fẹ́ wí. Ọ̀rọ̀ méjì tó takora, ẹ wá kà wọ́n pọ̀. Kíkan àti owó tún wà nínú ìbéèrè kan ṣoṣo. Èyí tó wá burú jù ni pé "kò kan jù" ti dájọ́ pé kíkan ò dára, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fẹ́ràn gàrí Ìjẹ̀bú ń wá kíkan kiri ni! Èmi á kọ ọ́ báyìí:

"Báwo ni kíkan gàrí tí ẹ rà kẹ́yìn lọ́wọ́ wa ṣe rí lẹ́nu yín?"
Ó kan jù / Ó kan níwọ̀n / Kò kan tó / N kò tíì rà á

Ẹ má yọ ti ìkẹyìn yẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tí kò tọ́ ọ wò rí á kàn yan èyí tí inú yín á dùn sí. Ẹ béèrè owó lọ́jọ́ mìíràn.

Ìyá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: Ní tiwa, a dìbò lórí Wọ́ọ̀tsáàpù bóyá kí alága ṣe sáà kejì. Gbogbo wa ní kó ṣe é, a wá ń kùn nílé. Kò sì sí "ṣebí" kankan níbẹ̀ o.

Tíṣà àgbà: Ìyá, ti orúkọ ni tiyín. Nínú ìbò ẹgbẹ́ lórí Wọ́ọ̀tsáàpù, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló lè rí ohun tí oníkálukú yàn, títí kan alága fúnra rẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe to ọ̀rọ̀ tó lè wo ìyẹn sàn. Lórí X, ẹni tó béèrè gan-an ò rí orúkọ, àmọ́ àṣàyàn 4 ni ò gbọdọ̀ kọjá.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì: Ọ̀rọ̀ tí mo dábàá ńkọ́?

Tíṣà àgbà: "Adarí" dún bí ọ̀gá iléeṣẹ́ létí mi. "Ìbéèrè afèsì-síni-lẹ́nu" ni mo fara mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì: Ó ti gùn jù, ẹ̀gbọ́n. Ta ló máa pè é tán?

Oníbéèrè: "Ó kan níwọ̀n" tó wà láàárín yẹn, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni àwọn onítìjú á sá sí?

Tíṣà àgbà: Wọ́n lè sá síbẹ̀. Ẹ tún bi wọ́n pé ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n rà á lóṣù tó kọjá, kí ẹ wá gbé èsì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí ẹ fi ń kọ ọjà yín.