Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mọ́nítọ̀ mi: ẹ̀kẹta ti tàn

"Ẹ jọ̀ọ́, mo so mọ́nítọ̀ mẹ́ta tẹ̀léra láti ojú USB-C kan ṣoṣo lára láptọ́ọ̀pù mi. Méjì tàn, ẹ̀kẹta dúdú. Kí ló fà á?"

Ẹ ṣeun o, gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ọ̀fà ní kí MST, ètò tó ń jẹ́ kí mọ́nítọ̀ kan ta àwòrán sí èyí tó tẹ̀lé e, wà ní `On` lórí méjì àkọ́kọ́, kó wà ní `Off` lórí èyí tó kẹ́yìn. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó sọ pé wáyà ló bàjẹ́ gbà á dé ìdajì: wáyà ò bàjẹ́, àyè inú rẹ̀ ló há.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà nínú wáyà náà. Mọ́nítọ̀ àkọ́kọ́ ń fi méjì gbé dátà USB, ó ku méjì fún àwòrán, ìyẹn gígábíìtì 8.64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mọ́nítọ̀ 1920x1080 kan ní 60 Hz ń jẹ tó 3.5. Méjì jẹ́ 7. Ẹ̀kẹta á sọ ọ́ di 10.5. Kò lè wọlé.

Mo wọ mẹ́nù mọ́nítọ̀ àkọ́kọ́, mo yí USB-C láti `High Data Speed` sí `High Resolution`. Ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sọ́dọ̀ àwòrán, ni ẹ̀kẹta bá tàn. Ṣùgbọ́n dátà ti padà sí USB 2.0. Fídíò ìgbéyàwó tí mo ń dà sínú háàdì dísìkì ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tánkẹ ń wọ́ bí ìgbín báyìí!

Àǹtí tó ń lo macOS, tiyín yàtọ̀: àwòrán kan náà ni yóò máa hàn lórí gbogbo wọn. Ẹ fi wáyà ọ̀tọ̀ so ìkọ̀ọ̀kan.

Bí láptọ́ọ̀pù bá sùn tó jí, ẹ̀kẹta ṣì máa ń pẹ́ kó tó tàn. Mi ò tíì rí ìdí ẹ̀.